Èwo Ni Ká Rà? Kíkọ Mẹ́mò Lórí Diráyà Méjì

Alága ilé iṣẹ́ kì í ka mẹ́mò tán kó tó bi ọ̀gá ìṣirò owó léèrè ọ̀rọ̀. Á ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, á wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ àti iye owó sí, á sì gbójú sókè. Nítorí náà ìdájọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ìṣirò tẹ̀lé e. Mẹ́mò tí a fẹ́ tú palẹ̀ nínú orí yìí bẹ̀rẹ̀ báyìí:

"Sí Alága àti ẹ̀yin olùdarí. Láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ìṣirò owó. Mo dábàá pé kí a ra diráyà tó ń fi èèpo èkùrọ́ dáná, ní ₦50 mílíọ̀nù, kí a fi ti epo dísù tó jẹ́ ₦24 mílíọ̀nù sílẹ̀. Láàárín ọdún márùn-ún, ẹ̀rọ èkùrọ́ fi ₦7.4 mílíọ̀nù owó òní sàn ju ẹ̀rọ dísù lọ. Ṣùgbọ́n ìdábàá yìí dúró lórí pé a ó máa rí tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 1,000, ó kéré tán, rà lọ́dọọdún. Bí ìyẹn kò bá dájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé mẹ́mò kì í kọ. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n pé ìgbìmọ̀ á ní ọkàn wọn pín sí méjì. Bẹ́ẹ̀ ohun tí olówó ń fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn: kí ló lè ṣẹlẹ̀ tí ìdájọ́ yìí á fi yí?

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà fẹ́ ṣe

Ilé iṣẹ́ àpẹẹrẹ wa wà lọ́nà Alábàtà ní Ọ̀dẹ̀dá, nítòsí Abẹ́òkúta, kò sì jìnnà sí fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FUNAAB. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ funfun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì, oníbisikíìtì àti àwọn tó ń ṣe gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páálí ń rà. Kì í ṣe láfún o. Láfún tí àwa Ẹ̀gbá fi ń yangàn, rírẹ ni wọ́n ń rẹ ẹ́ kó kan kí wọ́n tó sá a. Ìyẹ̀fun yìí kò gbọdọ̀ kan rárá: láti ìgbà tí wọ́n bá ti wú ẹ̀gẹ́ lóko, wọ́n gbọ́dọ̀ bó o, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n rin ín, kí wọ́n fún un lábẹ́ jákì, kí wọ́n sì gbẹ ẹ́ kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé. Oòrùn oṣù Keje kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń lo diráyà nìyẹn: afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò gbá ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ gba inú páìpù gígùn kọjá, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni omi inú rẹ̀ yóò ti lọ, ìyẹ̀fun á sì bọ́ sínú àpò nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná inú diráyà yìí kì í ṣe tuntun ládùúgbò wa. FUNAAB wà lára iṣẹ́ C:AVA tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 lábẹ́ Fásitì Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú owó àjọ Bill àti Melinda Gates, ní Nàìjíríà, Gánà, Yùgáńdà, Tansanía àti Màláwì. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ yìí ni wọ́n fẹ́ sọ di ọjà fún àgbẹ̀ kéékèèké. Ẹni tó bá bá àwọn tó ń ṣe ìyẹ̀fun náà jókòó yóò gbọ́ ohun kan náà lẹ́nu wọn: owó epo tí diráyà ń mu ni èrè ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí iná náà ń ṣe, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn gba iye tí oníṣòwò ẹ̀rọ bá sọ fún un. Nínú tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun kan tó gbẹ dáadáa, kílò 900 ni ẹ̀gẹ́ gan-an, kílò 100 sì ni omi. Bí ẹ̀gẹ́ tó jáde lábẹ́ jákì bá ṣì ní omi 45% nínú, kílò 1,636 ni yóò wọ diráyà kí tọ́ọ̀nù kan tó jáde. Omi tí iná máa lé lọ jẹ́ kílò 636. Nínú àpẹẹrẹ wa, lítà dísù 90 ló ń lé omi yẹn nínú ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Nínú ẹ̀rọ kejì, kílò èèpo èkùrọ́ 250 ló ń ṣe é, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń dá.

Ẹ fi ọkàn sí kílò 636 yẹn. A ó padà sí i.

Owó tó ń wọlé, owó tó ń jáde

Gbogbo iye owó tó wà nísàlẹ̀ yìí, ti ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó kó fi ti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. A gbà pé ilé iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní 200 ọjọ́ lọ́dún, tọ́ọ̀nù 1.2 lójúmọ́, tó jẹ́ tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun 240. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 4.5 ló ń di tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun kan. Ẹ̀gẹ́ jẹ́ ₦70,000 tọ́ọ̀nù kan dé ẹnu ọ̀nà, ìyẹ̀fun ń lọ ní ₦550,000, owó òṣìṣẹ́, àpò, iná mànàmáná àti ọkọ̀ sì jẹ́ ₦100,000 lórí tọ́ọ̀nù. Ohun tó kù kí a tó dáná jẹ́ ₦135,000 lórí tọ́ọ̀nù, tàbí ₦32.4 mílíọ̀nù lọ́dún. Ẹ̀rọ méjèèjì ló máa rí owó yìí bákan náà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni lẹ́yìn rẹ̀: lítà dísù kan jẹ́ ₦1,000, kílò èèpo èkùrọ́ jẹ́ ₦120.

| Ní mílíọ̀nù náírà | Ẹ̀rọ dísù | Ẹ̀rọ èkùrọ́ |
|---|---|---|
| Owó rírà àti fífi sípò | 24 | 50 |
| Èrè lọ́dún kí a tó dáná | 32.4 | 32.4 |
| Owó iná | 21.6 | 7.2 |
| Owó àtúnṣe | 1.2 | 3.2 |
| Àwọn tó ń ṣọ́ iná tó sì ń kó eérú | 0 | 2.4 |
| Ohun tó kù lọ́dún | 9.6 | 19.6 |
| Páìpù tuntun ní ọdún kẹta | 0 | 6 |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni oníṣòwò ẹ̀rọ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Èéfín èèpo èkùrọ́ kò gbọdọ̀ kan ìyẹ̀fun, nítorí náà páìpù irin ló máa ń wà láàárín iná àti afẹ́fẹ́, iná sì máa ń jẹ páìpù náà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ti lo irú ẹ̀rọ náà fún ọdún mẹ́ta ni kí ẹ ti béèrè, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á.

Mo yọ owó orí kúrò nínú àpẹẹrẹ yìí kí okùn ọ̀rọ̀ má baà ta kókó. Nínú mẹ́mò tòótọ́, ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, nítorí bí ẹ̀rọ bá ṣe wọ́n tó ni ìdínkù owó orí tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Bákan náà, ọdún márùn-ún ni mo fún ẹ̀rọ méjèèjì, mi ò sì ka iye tí wọ́n lè tà á lẹ́yìn náà. Bí ọ̀kan bá máa lo ọdún mẹ́wàá tí èkejì máa lo márùn-ún, ìṣirò mìíràn nìyẹn.

Owó òní, owó ọdún mẹ́ta, àti ibi tí ìṣirò ti máa ń wọ́

Náírà tó máa wọlé lọ́dún mẹ́ta sí i kò tó náírà tó wà lọ́wọ́ lónìí, kódà bí ọjà kò bá wọ́n. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀: ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ san èlé owó tí wọ́n yá, iṣẹ́ ọ̀hún kò sì dín kọ́bọ̀ kan nínú gbèsè. Ohun tí a ń pè ní àṣẹ́kù iye òní kò ju èyí lọ: a ó gé owó ọdún kọ̀ọ̀kan tó ń bọ̀ kù sí iye tó tó lónìí, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì yọ owó tí a fi ra ẹ̀rọ kúrò. Bí ohun kan bá ṣẹ́ kù, ẹ̀rọ náà mú èrè wá ju ìdá tí a fi gé e lọ. Bí ó bá di gbèsè, ó sàn kí owó náà wà níbòmíràn.

Ìdá wo ni ká fi gé e? Ibí yìí ni mo ti rí i tí mẹ́mò tó dára di mẹ́mò burúkú. Báńkì ní òun á yá wa lówó ní 32% lọ́dún, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ sọgúndogójì: ní Oṣù Kọkànlá 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ gbé ìdá èlé tirẹ̀ dé 27.5%, kò sì wọ́pọ̀ nígbà náà kí báńkì yá oníṣẹ́ ọwọ́ lówó ní ìdá tó kéré sí ìyẹn. Ọ̀gá ìṣirò owó á wá mú 32% yẹn, á fi gé ₦19.6 mílíọ̀nù ti ọdún kìíní, á fi gé ₦19.6 mílíọ̀nù ti ọdún kejì, títí dé karùn-ún. Ó dà bíi pé ó tọ̀nà. Kò tọ̀nà. Nínú 32% tí báńkì ń gbà, apá tó pọ̀ jù ni gbà-máà-bínú fún ọ̀wọ́ngógó tó ń jẹ owó wọn. Bẹ́ẹ̀ ₦19.6 mílíọ̀nù tiwa kò ní ọ̀wọ́ngógó nínú: a kọ ọ́ bíi pé ìyẹ̀fun, ẹ̀gẹ́ àti dísù á dúró sí iye tòní fún ọdún márùn-ún. Bí a bá fi ìdá tó ní ọ̀wọ́ngógó gé owó tí kò ní in, a ti na ọ̀la lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun méjì ló tọ́ láti ṣe, kí ẹ mú ọ̀kan. Ẹ lè gbé gbogbo iye owó sókè lọ́dọọdún bí ọ̀wọ́ngógó ṣe ń lọ, kí ẹ sì fi 32% gé e. Tàbí kí ẹ fi iye owó sílẹ̀ bó ṣe wà lónìí, kí ẹ sì yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú 32%. Èmi fẹ́ràn ìkejì, nítorí ìgbìmọ̀ mọ iye tí tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ jẹ́ lónìí, wọn kò sì ní láti jà lórí iye tó máa jẹ́ ní ọdún mẹ́rin sí i. Yíyọ ọ̀hún kì í ṣe ká kàn fi ọ̀wọ́ngógó dín 32 kù. Pípín ni: bí a bá gbà pé ọ̀wọ́ngógó á máa jẹ́ 20%, 1.32 tí a pín sí 1.20 jẹ́ 1.10. Ìdá ìgékù wa jẹ́ 10%.

Ẹ ṣọ́ ibi tí ẹ ti mú iye ọ̀wọ́ngógó. Àjọ NBS kéde 34.80% fún Oṣù Kejìlá 2024, ó sì kéde 24.48% fún Oṣù Kìíní 2025. Ọjà kò rọ̀ lójijì láàárín oṣù kan náà: ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò àti apẹ̀rẹ̀ ọjà tí wọ́n ń wọ̀n ni wọ́n yí padà. Ẹni tó bá fi ìyàtọ̀ iye méjèèjì yẹn sọ pé ọ̀wọ́ngógó ti ń sáré wálẹ̀ á kọ ìdá tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà, kí C2 jẹ́ -50, kí C3 sí C7 jẹ́ owó ọdún márùn-ún, tí ọdún kẹta jẹ́ 13.6 nítorí páìpù. Ohun tí a ó tẹ̀ nìyí:

```
=NPV(10%,C3:C7)+C2
```

Ẹ má kó C2 sínú àkámọ́ náà. Orúkọ tí kọ̀ǹpútà fún un tan ènìyàn jẹ: iye àkọ́kọ́ tí ẹ bá kó sínú rẹ̀, á rò pé òpin ọdún kìíní ló dé, á sì gé owó tí a san lónìí kù pẹ̀lú. Ẹ̀rọ èkùrọ́ á fi ₦18.0 mílíọ̀nù hàn dípò ₦19.8 mílíọ̀nù.

Ní 10%, àṣẹ́kù ẹ̀rọ dísù jẹ́ ₦12.4 mílíọ̀nù, ti èkùrọ́ jẹ́ ₦19.8 mílíọ̀nù. Ẹ̀rọ méjèèjì ló dára, èkùrọ́ fi ₦7.4 mílíọ̀nù dára jù. Bí a bá ṣe àṣìṣe tí mo sọ lókè, tí a fi 32% gé owó tí kò ní ọ̀wọ́ngógó, ẹ̀rọ dísù á di gbèsè ₦1.5 mílíọ̀nù, èkùrọ́ á di gbèsè tó lé ní ₦6.6 mílíọ̀nù. Mẹ́mò yẹn á ní kí a má ra ọ̀kankan, pé bó bá sì pọn dandan, kí a ra ti dísù. Owó kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ìdájọ́ yí padà pátápátá. Ẹ̀rọ tó wọ́n lónìí tó sì ń dá owó padà díẹ̀díẹ̀ ni irú àṣìṣe yìí máa ń ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ jù, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ kan fi ń ra ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú títí ayé.

Títì í títí yóò fi yẹ̀

Ìdánwò ìyípadà tí ọ̀pọ̀ ń ṣe kì í ràn mí lọ́wọ́: gbé gbogbo nǹkan sókè ní 10%, gbé e wálẹ̀ ní 10%, kí o sì tẹ tábìlì ńlá kan sẹ́yìn mẹ́mò. Dísù lè yí ní 50% lọ́dún kan, owó òṣìṣẹ́ lè má yí ní 10%. Kí ló dé tí a ń wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n kan? Ìbéèrè tó wúlò ni pé: kí iye yìí dé ibo kí ìdájọ́ tó yí? Lẹ́yìn náà ni kí a wá bi ara wa bóyá ó lè dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dísù. Ẹ̀rọ èkùrọ́ ń dá ₦10 mílíọ̀nù padà lọ́dún ju ti dísù lọ. Kí àfikún owó tí a fi rà á tó padà, pẹ̀lú páìpù ọdún kẹta, nǹkan bí ₦8.05 mílíọ̀nù lọ́dún ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ó kéré tán. Àyè tó wà jẹ́ ₦1.95 mílíọ̀nù péré. Nígbà tí owó dísù wa jẹ́ ₦21.6 mílíọ̀nù, kí lítà wálẹ̀ láti ₦1,000 sí bíi ₦910 ti tó láti jẹ àyè yẹn tán. Ní ìsàlẹ̀ ₦910, ẹ̀rọ dísù ló sàn. Ní òkè bíi ₦1,150, ẹ̀rọ dísù á wọ gbèsè fúnra rẹ̀. Ìyẹn já sí pé àárín ₦910 àti ₦1,150 nìkan ni ẹ̀rọ dísù ti lè jẹ́ ẹ̀rọ tó dára tí kì í ṣe èyí tó dára jù. Ṣé lítà lè bọ́ sí ₦910? Ní Oṣù Kẹrin 2024, ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹjú-Lékkì fi ìkéde kan ṣoṣo gbé dísù rẹ̀ wálẹ̀ láti ₦1,200 sí ₦1,000. Ìdá mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, àyè tiwa kò sì tó mẹ́wàá. Mẹ́mò gbọ́dọ̀ sọ èyí láìfi bò.

Èèpo èkùrọ́ náà ní ààlà tirẹ̀. Bí kílò bá kúrò ní ₦120 dé bíi ₦152, àǹfààní rẹ̀ lórí dísù ti tán. Àwọn tó bá rò pé ìdọ̀tí lásán ni, pé kò lè wọ́n, kí wọ́n rántí pé ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò náà ti ń fi èèpo èkùrọ́ kún ohun tí wọ́n ń dá. Bí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ bá wọ ọjà, ẹni tó ń ra ọkọ̀ akẹ́rù kan lóṣù kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń dábàá ni kí a bá ilé ìfún-àdín kan tọwọ́ bọ ìwé fún ọdún méjì, kí iye wà nínú rẹ̀.

Iye ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí méjèèjì yẹn. Bí tọ́ọ̀nù bá gun láti ₦70,000 dé bíi ₦73,000, ẹ̀rọ dísù ti wọ gbèsè. Bó bá dé bíi ₦74,800, èkùrọ́ náà ti wọ̀ ọ́. Èyí kò yí ìdájọ́ láàárín ẹ̀rọ méjèèjì, nítorí ẹ̀gẹ́ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ohun tó ń bi wá ni bóyá ó yẹ ká ra ẹ̀rọ rárá. Gbogbo àgbẹ̀ Ọ̀bàfẹ́mi-Owódé àti Ọ̀dẹ̀dá ló mọ bí ó ṣe ń yí: ọdún tí pákí bá wọ́n, gbogbo ènìyàn á gbìn ín, ọdún kan tàbí kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, yóò pọ̀ lọ́jà débi pé ẹlòmíràn á fi í sílẹ̀ sínú ilẹ̀, wọ́n á bọ́ sí àgbàdo, pákí á tún wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má ti iye ẹ̀gẹ́ sókè nìkan kí iye ìyẹ̀fun dúró. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n, gbogbo aláyẹ̀fun ló máa gbé iye tiwọn sókè, bí wọn kò tilẹ̀ lè gbé e dé ibi tí ẹ̀gẹ́ gbé e dé. Ohun tí ó yẹ kí a dán wò ni àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Ibi tí ìyẹ̀fun kì í ti í lè tẹ̀lé ẹ̀gẹ́ gòkè ni ìgbà tí àlìkámà bá rọ̀, tí oníbúrẹ́dì kò sì rí ìdí tí yóò fi ra tiwa. Ní 2005, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́ tó jẹ́ ọmọ Òwu tiwa, wọ́n pàṣẹ kí àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun búrẹ́dì fi ẹ̀gẹ́ 10% kún un. Àwọn kan gbé ilé iṣẹ́ kalẹ̀ lórí àṣẹ yẹn. Àṣẹ náà kò dúró bí wọ́n ṣe rò. Bí a bá ní oníbàárà tó jẹ́ pé òfin ló ń lé e wá sọ́dọ̀ wa, kí a kọ ìlà tirẹ̀ sínú ìdánwò yìí lọ́tọ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni mo kà sí ibi tó gbóná jù. Ẹ̀rọ èkùrọ́ wọ́n, ó sì ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, nítorí náà ó nílò iṣẹ́ púpọ̀ kó tó lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Bí ìyẹ̀fun bá bọ́ láti tọ́ọ̀nù 240 sí 207, tó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 173 lọ́dún, ìdájọ́ ti yí sí dísù. Ọjọ́ 200 ni mẹ́mò gbà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ lọ sí ìwé ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ tó wọlé, kí ẹ ka ọjọ́ tí ọkọ̀ wọlé ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ le tí ẹ̀gẹ́ kò sì ṣeé wú ni ọjọ́ ti máa ń sọnù, àwọn tó ń gbé ìwéwèé kalẹ̀ nínú ọ́fíìsì sì máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká ti nǹkan méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí lítà dísù jẹ́ ₦950, kí ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ 180. Kò sí èyí tó dé ààlà tirẹ̀ nínú méjèèjì, ẹni tó bá ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan á ní kò séwu. Bí wọ́n bá dé pọ̀, ẹ̀rọ dísù ló fi ₦1.7 mílíọ̀nù sàn jù. Ìdí nìyí tí mẹ́mò fi béèrè tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 1,000, tó ń fúnni ní ìyẹ̀fun bíi 222: ní iye yẹn, bí dísù bá dúró sí ₦1,000, èkùrọ́ ṣì fi nǹkan bí ₦3.4 mílíọ̀nù sàn jù.

Ìdá ìgékù ńkọ́, tí a ti jà lé lórí tó bẹ́ẹ̀? Ó gbọ́dọ̀ gun láti 10% dé bíi 21% kí dísù tó borí. Kí báńkì dúró sí 32%, ọ̀wọ́ngógó á ní láti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 9% kó tó rí bẹ́ẹ̀. Àyè wà níbẹ̀. Ẹ máa kíyè sí i pé ohun tó lè ba ìṣirò jẹ́ pátápátá bí a bá ṣe é bí kò ti yẹ ni kò lè bà á jẹ́ mọ́ nígbà tí a ṣe é dáadáa.

Jákì

A padà sí kílò 636. Ká ní jákì kò fún ẹ̀gẹ́ dáadáa, tó fi jáde pẹ̀lú omi 50% dípò 45%. Kò jọ ohun ńlá. Ṣùgbọ́n kílò 1,800 ló máa wọ diráyà báyìí, omi tí iná máa lé di 800. Epo ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ sí i. Owó dísù á fi nǹkan bí ₦5.6 mílíọ̀nù gòkè lọ́dún, ẹ̀rọ dísù á sì wọ gbèsè láìsí pé iye ohun kan yí lọ́jà. Ẹ̀rọ èkùrọ́ á pàdánù nǹkan bí ₦1.9 mílíọ̀nù, yóò sì ṣì wà lórí èrè. Nínú gbogbo ìdánwò tí mo ṣe, èyí ló jẹ́ kí n fọwọ́ sọ̀yà jù lọ lórí èkùrọ́: ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ kò wọ́n ń dárí àìbìkítà òṣìṣẹ́ jì.

Ìdí nìyẹn tí mẹ́mò fi ní ìlà kan tí ìgbìmọ̀ kò retí. Kí a tó san owó ìdákọ́mu ẹ̀rọ kankan, kí wọ́n mú gíráàmù 100 lára ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ jákì, kí wọ́n gbẹ ẹ́ nínú ààrò kékeré, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n títí ìwúwo rẹ̀ kò fi dín mọ́. Bó bá ku 55, jákì ń ṣiṣẹ́. Bó bá ku 50, jákì ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Owó ìdánwò yìí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ iye ẹ̀rọ méjèèjì.

Bí mẹ́mò náà ṣe parí nìyí:

"Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀rọ èkùrọ́ bí ohun mẹ́ta wọ̀nyí bá wà lọ́wọ́ wa kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí: ìwé àdéhùn àwọn àgbẹ̀ fún tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 1,000, ìwé àdéhùn èèpo èkùrọ́ tí iye rẹ̀ kò ju ₦135 lọ ní kílò kan, àti àbájáde ìdánwò jákì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí èyí tó jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀ kò bá ṣeé ṣe, kí a má ra ẹ̀rọ lọ́dún yìí. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, n ó máa fi kílò èèpo èkùrọ́ lórí tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun ránṣẹ́ sí yín ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Bó bá kọjá 280 fún oṣù méjì léraléra, n ó pè yín jọ."